Ìgùnfẹ̀ àtàárọ̀ dalẹ́: ṣé inú ló ti ń wá ni àbí ọ̀fun?

Aránṣọ Wàndó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìtòsí ọjà Wàndó ní Àjàṣẹ́ níbí ni mo ti ń ránṣọ. Ìgùnfẹ̀ fẹ́ dójú tì mí. Bí mo bá ti jí báyìí ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, bí mi ò tiẹ̀ tíì fi nǹkan kan ẹnu. Mo ti fi sukirerí sílẹ̀ pátá, mo lo oméprasóòlù tán, kò sí ìyàtọ̀. Òsúkè náà máa ń dá sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa mu omi káún. Ẹ̀rù ń bà mí pé kó má lọ jẹ́ ọgbẹ́ inú. Kí ni kí n ṣe?

---

Dẹ́rẹ́bà Ìpóbẹ̀

Àǹtí, gáàsì ni. Ohun tó ń ṣe èmi náà nìyẹn, torí bíà àti sukirerí ni mo fi ń lé òùngbẹ lójú ọ̀nà. Ẹ wò ó dáadáa, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ fi sukirerí sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá máa mu Pọsotomẹ́ tó ń hó, ẹ rò pé omi lásán ni, bẹ́ẹ̀ gáàsì wà nínú òun náà. Kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀wà sílẹ̀, ẹ̀wà ló burú jù. Tèmi, mo ti dín gbogbo ẹ̀ kù, ó sì ti lọ, àfi tí mo bá ń gbé ẹrù sórí ọkọ̀ nìkan ni àyà mi á fún díẹ̀, màá gùnfẹ̀, á sì rọ̀.

---

Ìyá Nọ́ọ̀sì Kétu

Dẹ́rẹ́bà, ọ̀rọ̀ yín nípa ìgò jóòótọ́. Ìgò kékeré, 33 sẹntilítà yẹn, gáàsì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tú u síta, á lé ní lítà kan. Èyí tó pọ̀ jù á ti hó lọ kẹ́ ẹ tó gbé e mì, ìyókù ló ń wọ ikùn, ikùn á wú díẹ̀, ẹnu ọ̀nà òkè ikùn á ṣí, ẹ ó gùnfẹ̀, ó parí. Kì í pẹ́ rárá kó tó tán. Kò lè jẹ́ pé sukirerí tí èèyàn mu lánàá ló ń jáde lówùúrọ̀ yìí. Ẹ̀wà ní tiẹ̀, inú ìfun ńlá ló ti ń ṣe gáàsì, ẹ mọ ibi tí ìyẹn ń gbà jáde, kì í ṣe ẹnu. Torí náà kí aránṣọ má fi ẹ̀wà sílẹ̀ o, kò ṣẹ̀ ẹ́.

Aránṣọ, gbogbo èèyàn ló ń gùnfẹ̀, bó bá tó ọgbọ̀n ìgbà lójúmọ́ kò tíì di nǹkan. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ yàtọ̀ síyẹn. Tó o bá sùn, ṣé ó máa ń jí ẹ? Tí oníbàárà bá wọlé tẹ́ ẹ bá ń dúnàá-dúrà kíkankíkan, ṣé ó máa ń jáde láàárín ọ̀rọ̀ àbí ó máa ń dúró? Ṣé ó máa ń gbé nǹkan kíkan tàbí oúnjẹ wá sẹ́nu, àbí afẹ́fẹ́ lásán tí kò ní òórùn? Ṣé oúnjẹ ń há ẹ lọ́fun? Ṣé o rù? Ṣé ìgbẹ́ rẹ dúdú bí ọ̀dà? Dáhùn wọn ní kọ̀ọ̀kan, má fi èyíkéyìí sílẹ̀.

---

Ìyá Ìbejì Ṣàkẹ́tẹ́

Ti òsúkè yẹn ò le rárá! Ẹ já òwú díẹ̀ lára aṣọ, ẹ fi itọ́ sí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí ọmọ náà, kò ní pẹ́ dáwọ́ dúró. Àwọn méjèèjì tèmi ni mo ń ṣe é fún. Ọmọ oṣù mélòó ni tìrẹ?

---

Aránṣọ Wàndó

Ẹ ṣé ìyá wa, èmi gan-an ni kì í ṣe ọmọ.

Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ n dáhùn. Tí mo bá sùn, rárá, ọkọ mi ní ń ṣe ni mo máa ń dákẹ́ lọ gbári. Ti oníbàárà, ìgbà tẹ́ ẹ bi mí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ kò kí ń jáde, tó bá yí ẹ̀yìn padà báyìí á bẹ̀rẹ̀ gbùn-ùn gbùn-ùn, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kà á nígbà kan ó fẹ́ tó ogún láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò ní òórùn, kò kan lẹ́nu. Oúnjẹ ń lọ dáadáa, mi ò rù, kódà mo sanra sí i. Ìgbẹ́ kò dúdú. Àmọ́ ó máa ń ṣe mí bíi pé nǹkan wà láyà mi tó gbọ́dọ̀ jáde, tí mi ò bá gùn ún ara mi ò ní balẹ̀.

---

Ìyá Nọ́ọ̀sì Kétu

Ìdáhùn rẹ ti là á. Nínú yàrá àwọn tí inú ń ṣe ni mo ti ṣiṣẹ́ jù nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti rí irú èyí lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn tí wọ́n ti ra oògùn inú káàkiri gbogbo fámásí. Ìgùnfẹ̀ rẹ kò tinú ikùn wá rárá. Afẹ́fẹ́ yẹn kò dé ikùn. Ọ̀fun lo fà á sí, ọ̀fun náà lo tì í jáde láti inú ẹ̀, kó tó tó ìṣẹ́jú àáyá kan ó ti wọlé ó ti jáde.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Iṣan fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kan wà tó pààlà àyà àti ikùn, òun la fi ń mí. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ lójijì nígbà tí ẹnu àti imú kò fa èémí, àyà á ṣófo, á wá fa afẹ́fẹ́ gba òkè ọ̀fun wọlé. Lẹ́yìn náà iṣan ikùn á sún, á tì í síta, á dún. Ara ti kọ́ ọ, kò sí pé o mọ̀ ọ́n ṣe. Ó lè bẹ̀rẹ̀ látorí pé inú kún ẹ lóòótọ́ nígbà kan, o gùnfẹ̀, ó rọ̀ ẹ́, ara sọ pé ọ̀nà àbáyọ rèé, bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ìdí tí kì í fi í ṣe ẹ́ lójú oorun nìyẹn, ìdí tí kì í fi í jáde tó o bá ń sọ̀rọ̀ náà nìyẹn, torí ọ̀fun ò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Gáàsì tó bá ti inú ikùn wá ní tòótọ́ kò ní mọ̀ bóyá oníbàárà wà lọ́dọ̀ rẹ.

Oméprasóòlù ń dín omi kíkan inú kù ni. Kò mọ ohunkóhun nípa afẹ́fẹ́, ìdí tí kò fi ràn ẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn.

---

Alágbo Àjàṣẹ́

Ẹ má bínú o ìyá, ṣùgbọ́n káún ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìyá wa ti ń lò ó tipẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi díẹ̀ sínú omi tẹ́ ẹ mu ún, ojú ẹsẹ̀ ni ìgùnfẹ̀ ńlá á jáde, inú á sì fúyẹ́. Èmi ń tà á, àwọn tó ń rà á ń padà wá. Tí kò bá ṣiṣẹ́ ṣé wọ́n máa padà wá?

---

Ìyá Nọ́ọ̀sì Kétu

Ìgùnfẹ̀ ńlá tó ń jáde yẹn, káún náà ló ṣe é. Omi kíkan tó wà nínú ikùn bá káún pàdé, wọ́n hó, gáàsì jáde lára àwọn méjèèjì, òun lẹ gùn síta. Gáàsì tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ lọ fi síbẹ̀, ẹ wá yọ ọ́, ẹ ní ara fúyẹ́. Bikabonétì tí wọ́n ń fi sí àkàrà òyìnbó, tí àwọn kan ń bù sómi mu, bákan náà ni. Mi ò sẹ́ pé ó lè dín ìta omi kíkan kù fúngbà díẹ̀, ẹni tí àyà ń ta lóòótọ́ lè rí ìrọ̀rùn. Àmọ́ fún aránṣọ yìí, ṣe ló máa kọ́ ara rẹ̀ sí i pé ìgùnfẹ̀ ni ìtura. Yàtọ̀ síyẹn, iyọ̀ ló wà nínú káún, ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí kíndìnrín tó ń dá a láàmú tó ń mu ún lójoojúmọ́ ń ṣe ara rẹ̀ ní ibi.

---

Alágbo Àjàṣẹ́

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn mo gbà, mo máa ń bi wọ́n kí n tó tà á. Pé kò ṣe inú láǹfààní ni mi ò gbà. Ẹ̀yin ọsibítù ẹ máa ń yára sọ pé nǹkan wa ò dáa.

---

Tíṣà Ìfàńgíní

Ẹ gbà mí láàyè. Ohun tí Ìyá Nọ́ọ̀sì sọ yé mi, ṣùgbọ́n ó yá wọn lára jù láti sọ pé ikùn kọ́. Kòkòrò inú ikùn tó ń fa ọgbẹ́ pọ̀ láàárín wa, tá a bá ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ fún ìdajì àdúgbò yìí a máa rí i. Kí ló dé tí kò fi lọ ṣe àyẹ̀wò kọ́kọ́? Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé àròkàn ló ń ṣe é ni?

---

Ìyá Nọ́ọ̀sì Kétu

Mi ò ní àròkàn. Òótọ́ ni afẹ́fẹ́ náà, òótọ́ ni ariwo rẹ̀, ara ló ń ṣe é. Kòkòrò yẹn pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ó pọ̀ gan-an náà ni, ẹ lè rí i lára ẹni tí kì í ṣe òun ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ ó fún un ní oògùn kòkòrò, á lò ó parí, á sì tún máa gùnfẹ̀. Tó bá ń dùn ún lókè ikùn, tàbí tó ń tètè yó, mo ti máa sọ pé kó lọ ṣe é lónìí.

Tó bá wá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ yẹn síbẹ̀, kó rántí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oméprasóòlù tán ni. Ó gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ṣe é, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ kòkòrò á sá pamọ́, wọ́n á ní kò sí. Tó bá jẹ́ oògùn apakòkòrò ló lò, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

---

Tíṣà Ìfàńgíní

Èmi ṣì rò pé àyẹ̀wò ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ máa wí tiyín.

---

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé òsúkè inú ọ̀rọ̀ yìí, òun lèmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Bàbá wa ní Sábẹ̀ẹ́, òsúkè bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, a rò pé eré ni. A pariwo lé wọn lórí kí ẹ̀rù lè bà wọ́n, ẹnì kan tiẹ̀ sọ pé wọ́n jalè kí inú lè bí wọn kó lọ, wọ́n mu omi tútù, wọ́n gbé ṣúgà mì, á lọ á tún padà. Ọjọ́ kejì kò lọ. Ọjọ́ kẹta wọn ò lè sùn, wọn ò lè jẹun, ara wọn ń yún wọn, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Ìgbà tá a gbé wọn lọ Paràkú tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn ni wọ́n sọ pé kíndìnrín ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀gbin tó yẹ kó bá ìtọ̀ lọ ló pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń dá òsúkè sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ti ní tipẹ́ tí wọn ò lo oògùn déédéé. Ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí tí mo bá gbọ́ òsúkè nìyẹn.

---

Ìyá Nọ́ọ̀sì Kétu

Ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ohun tẹ́ ẹ rí yẹn ló yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Òsúkè tó bá ti kọjá wákàtí 48 láì dáwọ́ dúró, ẹ má bá a ṣeré, ẹ gbé onítọ̀hún lọ síbi tí wọ́n á ti gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Kíndìnrín lè fà á, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó ti yàwìn lè fà á, àrùn ẹ̀dọ̀fóró lè fà á, rọpárọsẹ̀ tó bá ọpọlọ nísàlẹ̀ náà lè fà á. Oògùn pàápàá wà níbẹ̀, dẹzamẹtasóònù tí àwọn kan ń lò kí wọ́n lè sanra, mo ti rí i tó fà á. Tí òsúkè bá sì dé pẹ̀lú ahọ́n tó wúwo, tàbí ojú tó ń rí méjì, ẹ má dúró de wákàtí kankan.

Ti aránṣọ kò sí lára èyí. Tìrẹ ń wá, ó ń lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àbí? Ìgbà wo ló máa ń wá jù?

---

Aránṣọ Wàndó

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ó máa ń wá tí mo bá jẹun tán kíákíá, pàápàá tó bá jẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná tí ata pọ̀ nínú ọbẹ̀ àkàrà ẹ̀.

---

Ìyá Nọ́ọ̀sì Kétu

Ìyẹn yé mi. Ikùn tó kún lójijì àti ata gbígbóná máa ń bí iṣan tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan nínú, á máa já, ọ̀fun á pa dé, bó ṣe ń dún nìyẹn. Mu omi tútù ní ìtẹ̀lé-ìtẹ̀lé láì sinmi láàárín, tàbí kó o di èémí mú bó o bá ṣe lè dì í tó. Afẹ́fẹ́ tá a ń mí síta á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan á fara balẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ kò léwu.

(Ìyá Ìbejì, ti ọmọ tuntun kò fẹ́ nǹkan kan, inú ìyá wọn pàápàá ni wọ́n ti ń ṣe é. Òwú yẹn kò burú, ẹ má sáà jẹ́ kó já bọ́ sẹ́nu wọn.)

Ó ku ohun kan. Aránṣọ, níbo lo máa ń fi abẹ́rẹ́ pínnì sí tó o bá ń gé aṣọ tàbí tó o bá ń wọn ọ́n sára oníbàárà?

---

Aránṣọ Wàndó

Hà. Ẹnu ni. Mo máa ń fi ètè há wọn mú, mẹ́rin márùn-ún lẹ́ẹ̀kan.

---

Ìyá Nọ́ọ̀sì Kétu

Mo fura. Nǹkan tó bá wà lẹ́nu ń mú itọ́ sun, itọ́ tó sun gbọ́dọ̀ gbé mì, gbogbo ìgbà tó o bá sì gbé itọ́ mì, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń bá a lọ. Ṣùíngọ́ọ̀mù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àti eyín àtọwọ́dá tí kò bá múlẹ̀. Píyọ̀wátà tá a ń já létí tá a ń fẹnu fà, wo bí ọ̀rá ẹ̀ ṣe ń rún tí afẹ́fẹ́ ń wọlé pẹ̀lú omi, dà á sí ife. Ẹ̀kọ gbígbóná tá a ń fà gbùúrù kó má baà jó wa lẹ́nu, ìdajì rẹ̀ afẹ́fẹ́ ni, jẹ́ kó tutù díẹ̀. Ìwọ̀nyí ń kún ikùn lóòótọ́, òun ló sì ń jí àṣà ìgùnfẹ̀ ọ̀fun yẹn. Torí náà ra tìmùtìmù kékeré tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ sí, so ó mọ́ ọrùn ọwọ́.

Fún àṣà gan-an, ohun tí mo máa ń kọ́ wọn nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, jókòó síwájú dígí tó o fi ń wọn aṣọ, wo ara rẹ nígbà tó bá ń jáde. Wàá rí i pé àgbọ̀n rẹ á kọ́kọ́ sún síwájú, ọrùn á nà, lẹ́yìn náà ló máa dún. Ìsún àgbọ̀n yẹn ni afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Tó o bá ti lè rí i, o ti lè dá a dúró.

Lẹ́yìn náà dùbúlẹ̀ gbalaja, ọwọ́ kan láyà, ọwọ́ kan níkùn. La ẹnu díẹ̀, kí orí ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín iwájú òkè, má pa ẹnu dé. Ẹnu tó là sílẹ̀ yẹn lọ̀gá iṣẹ́ náà, ó ṣòro fún ọ̀fun láti fa afẹ́fẹ́ tí ẹnu bá là tí ahọ́n sì wà níbẹ̀. Fi imú fa èémí wọlé jẹ́jẹ́, kó jẹ́ ọwọ́ tó wà níkùn ló máa gbéra, ti àyà kó má mì. Tú u síta láti ẹnu, kó pẹ́ ju bó ṣe wọlé lọ. Bí mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan ti tó. Ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lówùúrọ̀, àti lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti mọ́ ẹ lára ní ìdùbúlẹ̀, máa ṣe é ní ìjókòó nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí nǹkan bá ń ṣe ẹ́ láyà bíi pé kó jáde, má gùn ún, la ẹnu kó o mí bẹ́ẹ̀, á kọjá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ á ni ẹ́ lára, mi ò ní tàn ẹ́.

---

Aránṣọ Wàndó

Mo padà dé. Ẹ má bínú pé mo pẹ́, aṣọ ọdún ló pọ̀ lọ́wọ́.

Àgbọ̀n yẹn, òótọ́ lẹ sọ, mo rí i nínú dígí, ẹnu yà mí. Mo ti so tìmùtìmù abẹ́rẹ́ mọ́ ọwọ́, ọmọ iṣẹ́ mi ló rán an. Èémí yẹn nira níbẹ̀rẹ̀, àyà ló ń gbéra dípò ikùn, títí mo fi gbé ìwé ìwọ̀n aṣọ mi lé ikùn kí n lè máa wo bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ní báyìí òwúrọ̀ ti dákẹ́ púpọ̀, mo lè rán aṣọ kan parí láì dún. Ìrọ̀lẹ́ ló ṣì ń ṣe mí, tí mo bá ń ṣírò owó ọjà tí àwọn onígbèsè ò wá. Ìyá ọkọ mi ṣì ń sọ ti káún.

---

Ìyá Nọ́ọ̀sì Kétu

O káre. Ìrọ̀lẹ́ tó ṣì kù yẹn kò yà mí lẹ́nu, ìgbà tí ọkàn bá gbóná ló ń padà. Ṣe ti èémí kó o tó ṣí ìwé owó, má dúró dìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń gba oṣù mélòó kan, àwọn kan kì í lọ tán. Fi ọ̀wọ̀ sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé mo ní kó o dá káún dúró ná. Tí oúnjẹ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í há ẹ, tàbí o rù láìmọ ìdí, tàbí ìgbẹ́ di dúdú, gbogbo ohun tí mo sọ yí padà nìyẹn, kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú rẹ.

---

Tíṣà Ìfàńgíní

Ó ti dín kù, mo rí i, mo sì yọ̀. Àyẹ̀wò yẹn mo ṣì ní kó ṣe é.

Ṣùgbọ́n kí ni Dẹ́rẹ́bà Ìpóbẹ̀ sọ lókè lọ́hùn-ún? Pé tí wọ́n bá ń gbé ẹrù, àyà á fún wọn, wọ́n á gùnfẹ̀, á rọ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni kà á ni? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún ọdún kan, afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́, ọkàn ni.

---

Ìyá Nọ́ọ̀sì Kétu

Tíṣà, ẹ ṣeun gidi. Ó yẹ ká ti mú un látìgbà yẹn.

Dẹ́rẹ́bà, ẹ gbọ́. Ìgùnfẹ̀ tó bá ń bá iṣẹ́ agbára rìn kì í ṣe ti bíà. Àyà tó ń fún tẹ́ ẹ bá gbé ẹrù tàbí tẹ́ ẹ gun òkè, tó ń rọ̀ tẹ́ ẹ bá dúró, ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ọkàn tó. Ẹ rò pé ìgùnfẹ̀ ló rọ̀ ọ́, dídúró tẹ́ ẹ dúró ló rọ̀ ọ́. Ọmọ ọdún mélòó ni yín? Ṣé ó máa ń lọ sí apá òsì tàbí àgbọ̀n? Ṣé òógùn tútù máa ń bò yín?

---

Dẹ́rẹ́bà Ìpóbẹ̀

Mo ti lé ní àádọ́ta díẹ̀. Ó máa ń dé àgbọ̀n nígbà míì, mo rò pé eyín ni. Mo ń mu sìgá.

---

Ìyá Nọ́ọ̀sì Kétu

Ẹ má gbé ẹrù kankan lónìí. Ní àárọ̀ ọ̀la ẹ lọ sí ọsibítù, ẹ sọ fún wọn bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ yìí gan-an, àyà àti àgbọ̀n, ẹ má pè é ní gáàsì, torí tẹ́ ẹ bá pè é ní gáàsì wọ́n lè fún yín ní oògùn inú kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka ọkàn yín, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà. Ẹ̀rọ yẹn lè ní kò sí nǹkan tẹ́ ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má gbà pé ó parí síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n darí yín sọ́dọ̀ dókítà ọkàn. Tó bá sì ṣe yín ní ìjókòó láì ṣe iṣẹ́ kankan, tàbí tí kò rọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òru ni o, ọ̀sán ni o, kí ẹlòmíì wà yín lọ, ẹ má fọwọ́ ara yín wa ọkọ̀.

---

Dẹ́rẹ́bà Ìpóbẹ̀

Mo ti gbọ́ ìyá. Mo ti ní kí ọmọ mi bá mi wa ọkọ̀ lọ́la, ìyàwó mi á tẹ̀ lé mi lọ.